Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára lísìtì "àwọn tó máa jáde"

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò tó fẹ́ jókòó WAEC, ọ̀rọ̀ yín ni mò ń sọ. Alẹ́ ọjọ́ tí pépà Ìṣirò ku ọ̀la ni wọ́n fi ẹ̀kísípò, ìyẹn lísìtì ìbéèrè tí wọ́n ní ó máa jáde, ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí Wasáàpù, pẹ̀lú ìdáhùn, ló bá ń há a sórí títí ilẹ̀ fi mọ́ nílé wa ní Ìkòròdú níbí (iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà o, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mo ń wò ó níran).

Nígbà tó dé láti gbọ̀ngàn, ẹ̀rín ló bá wọlé. "Àǹtí mi, bíárìnì yẹn jáde!" Mo ní kó kọ ọ́ fún mi. Ẹ jẹ́ n fi nọ́ńbà kékeré ṣàlàyé ẹ̀. Èyí tó há sórí sọ pé ẹnì kan rin kìlómítà 8 láti P dé Q ní bíárìnì 060°, ó wá rin 6 dé R ní 150°. Láti Q, bíárìnì P jẹ́ 240°, yọ 150° kúrò, igun Q jẹ́ 90°, torí náà PR jẹ́ 10. Ṣùgbọ́n 120° ló wà nínú pépà dípò 150°. Igun Q ti di 120° nìyẹn, Paitagọ́ràsì ò ṣiṣẹ́ mọ́, kósáìnì rúùlù ni:

PR² = 8² + 6² − 2×8×6×cos 120° = 148

PR wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12.2. Ọmọ náà kọ 10. Ó ń wo bébà yẹn, ó ń wò mí, kò lè sọ̀rọ̀, gègé ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọkàn mi gbọgbẹ́.

Ó tún GCE ṣe, ó yege, ìyẹn ti tán.

Ohun tó ń tan àwọn ọmọ jẹ ni pé tọ́píìkì yẹn jáde lóòótọ́. Bíárìnì, sitatísíìkì, pírọ́bábílítì, àwọn yìí kì í wọ́n nínú pépà, ẹni tó bá kó gbogbo wọn sínú lísìtì á ṣáà rí èyí tó bá a mu, kò sì sẹ́ni tó ń ka àwọn tí ò jáde. Kódà tó bá jẹ́ pépà gidi ni wọ́n jí, WAEC máa ń fagi lé èsì ẹni tó bá lò ó.

Ẹ lo páàsì kúẹ́ṣọ̀n, àmọ́ tọ́píìkì ni kẹ́ ẹ máa sàmì sí lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ kọ bí wọ́n ṣe yí i sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Èyí tó ń wá lemọ́lemọ́ lẹ máa kọ́kọ́ kà, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ ju ìyókù nù. Nínú pépà kejì, ìbéèrè 5 àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, máàkì 40 ló wà níbẹ̀, ẹ ò lè ṣa. Inú 8 tó kù lẹ ti lè mú 5.

Tọ́mọ bá ti yanjú ìbéèrè kan, ẹ yí nọ́ńbà kan padà fún un. Yí 150° sí 100°, kó yà á, kó wá igun Q fúnra ẹ̀, láìwo ìdáhùn.