Ẹ yọ owó àwọn tó ti wà nílẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó dárúkọ owó ẹni tuntun

Ẹni tó bá ní ilé iṣẹ́ kékeré, tó fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó dì í mú tẹ́lẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ ni pé, "Èló ni mo lè san fún un?" Mi ò ní kí ẹ má bi í. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ẹ̀: lọ́jọ́ tí àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ bá gbọ́ iye náà, èló ni ẹ ó tún máa wá kiri láti fi tún tiwọn ṣe? Wọ́n á kúkú gbọ́. Níbi tí èèyàn ò ti pọ̀, kò sí àṣírí owó oṣù.

Èmi ni mò ń tọ́jú ìwé owó níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní kọ iye tí mò ń gbà síbí, torí kò kan ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká pe owó oṣù tèmi ní 100, ká sì fi wọn ti àwọn yòókù. Ẹ̀gbọ́n tó ń mójú tó yàrá ọjà ń gba 80, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ọ̀gá wá pinnu pé a nílò ẹni tí yóò máa dá àwọn oníbàárà lóhùn: kó máa gbé ìpè, kó máa kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà sílẹ̀, kó sì máa yanjú ẹjọ́ àwọn tí ọjà wọn bá pẹ́ tàbí tó bàjẹ́. Ìpinnu tó dáa ni. Àwa la ti ń pín iṣẹ́ yẹn mọ́ra wa lọ́wọ́, ó sì ti sú wa.

Ọ̀gá fọ̀rọ̀ wá ọmọkùnrin kan lẹ́nu wò. Ó wù wọ́n, wọ́n sì bi í pé èló ló ń gbà níbi tó ti ń bọ̀. Wọ́n fi díẹ̀ lé iye tó dárúkọ, ó di 115. Bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé kí n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ojú mi bọ́ sórí iye yẹn, mo rò pé àṣìkọ ni. Mo pe ọ̀gá. Wọ́n ní rárá, bó ṣe rí nìyẹn. Mo bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ló dúró tì í, wọ́n ń dúró de ìwé ọjà tiwọn, ìwé ọmọkùnrin yẹn ló sì kọ́kọ́ jáde sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò bo iye owó yẹn, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n tún un wò. Wọ́n wá bi mí pé, "Àbúrò, ṣé ìwọ náà mọ̀ sí i?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òní lèmi náà rí i." Wọ́n dojú ìwé náà dé orí tábìlì mi, wọ́n sì padà sí yàrá ọjà. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ẹrù dé nígbà tí a fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n máa ń dúró títí ẹrù yóò fi wọlé tán wo aago, wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n lọ sílé. Wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àkókò iṣẹ́ ti pé. Èmi àti ọ̀gá la kó ẹrù yẹn wọlé, ọ̀gá sì ń bi mí ní gbogbo ìgbà náà pé kí ló ṣe wọ́n. Mi ò dáhùn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi náà kò fẹ́ẹ́ gbé páálí kankan.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìlara ni o. Bí ọmọkùnrin yẹn bá ń gba 200 níbòmíì, Ọlọ́run á bù sí i. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi ìdí tó fi jẹ́ 115. Owó tí èèyàn ń gbà níbi tó ti ń bọ̀ ò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ tiwa. Ó lè jẹ́ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ tó ju tiwa lọ ló ń ṣe. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lÁmẹ́ríkà, wọ́n ti ṣòfin ní 2016 pé kí agbanisíṣẹ́ má ṣe bi ẹni tó ń wáṣẹ́ ní irú ìbéèrè yẹn kó tó dárúkọ iye tí òun fẹ́ san.

Kí n má fọ̀rọ̀ gùn, ọmọkùnrin náà ríṣẹ́ síbòmíì, kò fọwọ́ sí ìwé wa. Ọ̀gá pè mí, wọ́n ní, "Ìwọ tí inú ń bí, wá ṣírò ẹ̀ ká wò ó." Mo jókòó, mo ṣírò ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ béèrè pé èló ló wà lápò fún iṣẹ́ yìí lóṣooṣù, gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ọ̀gá ní 120. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, torí wọ́n rò pé owó oṣù nìyẹn. Owó tí ilé iṣẹ́ ń dá sí owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, owó ìbánigbófò, owó ìpè àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń lé e. Nínú ìwé tiwa, gbogbo ẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù. Tiyín lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ wo ìwé ọdún tó kọjá. Èyí já sí pé 115 tí ọ̀gá ṣèlérí ì bá máa ná wa ní 138 lóṣù, nígbà tó jẹ́ pé 120 ló wà nílẹ̀. Ìlérí yẹn ì bá dá wahálà sílẹ̀ láàárín wa, owó ọ̀hún ò sì ní ká a.

Lẹ́yìn náà, mo kó ìkéde iṣẹ́ tó jọ tiwa jọ. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ ni kí ẹ kà, ẹ má wo orúkọ. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ẹni tó ń gbé ìpè àti ẹni tó ń darí àwọn mẹ́wàá tó ń gbé ìpè. Márùn-ún ló kù tó bá tiwa mu: 78, 84, 90, 96 àti 118. Ẹni tó bá ro wọ́n pọ̀ tó pín wọn, á bá a ní ó lé ní 93, torí 118 yẹn ń fà á sókè. Mo mú èyí tó wà láàárín, ìyẹn 90. Mo wá ìkéde fún iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n náà, àárín tiwọn jẹ́ 84. Wọ́n ń gba 80! (Mo wá tèmi náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 100 mu, mi ò sì fọwọ́ kàn án. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo bu tèmi.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí, ká tiẹ̀ gbàgbé ìyókù. Àlékún 4 tó yẹ Ẹ̀gbọ́n, inú 120 yẹn ni kó ti jáde, kí a sì yọ ọ́ kí a tó dárúkọ iye kankan fún ẹni tuntun. Àlékún náà pẹ̀lú ohun tó ń tẹ̀ lé e jẹ́ 4.8. Ó ku 115.2. Ẹ fi 1.2 pín in kí ìdá tó ń lé owó oṣù lè jáde, ó ku 96. A ti mọ̀ pé bí ẹni tuntun bá ṣe dáadáa lẹ́yìn ìgbà ìdánwò, a ó fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ẹ̀, kí a má baà ṣèlérí tí kò sówó fún. Ẹ wá ibi tí ìdá márùn-ún ti máa gbé e dé 96, ẹ ó bá 91. Nítorí náà, 91 ni òkè owó tí a lè fi gbà á wọlé, 96 sì ni ibi tó lè dé. Bí a bá gbàgbé Ẹ̀gbọ́n, 95 là bá pè é, a ó sì padà wá yáwó láti tù wọ́n nínú.

Ọ̀gá ní, "Ṣé kí n wá jẹ owó ẹni tuntun fún ẹni tó ti wà níbẹ̀ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí bí Ẹ̀gbọ́n bá lọ, ẹni tí a máa gbà dípò wọn yóò béèrè 84, kò sì ní mọ ibi tí ohunkóhun wà.

A tún fi iṣẹ́ wéra, kí ó má jẹ́ ìkéde nìkan la gbọ́kàn lé. Ohun mẹ́rin ni wọ́n sábà ń wò: ìmọ̀, ẹrù iṣẹ́ tó wà léèyàn lọ́rùn, agbára tó ń gbà, àti ipò tí èèyàn ti ń ṣe é. Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5. Tèmi jẹ́ 14, ti iṣẹ́ tuntun jẹ́ 11, ti Ẹ̀gbọ́n jẹ́ 9. Mo fi han Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí n wá dúró nínú yàrá ọjà fún ìgbà díẹ̀ kí n tó sọ fún wọn pé agbára wọn jẹ́ 2. Mo lọ, mo gbé páálí, mo sọ ọ́ di 3, tiwọn wá di 10. Láàárín 84 tiwọn àti 100 tèmi, máàkì mẹ́rin ló wà, máàkì kan jẹ́ 4. Iṣẹ́ tuntun wá bọ́ sí 88, kò jìnnà sí 90 tí ìkéde ń sọ. Bí méjèèjì bá jìnnà síra púpọ̀, ẹ padà lọ ka ìkéde yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ mìíràn lẹ ń fi wé tiyín.

A fi 82 ṣe ìsàlẹ̀, fún ẹni tí yóò ṣì kọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kò sì bọ́ sábẹ́ iye tó kéré jù tí òfin gbà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń jẹ́ kí òkè fi ìdá ọgbọ̀n sí àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ju ìsàlẹ̀ lọ. Àpò wa ò gba ìyẹn. A kọ "82 sí 91" sínú ìkéde gbangba, Ẹ̀gbọ́n sì ti gba àlékún wọn kí ìkéde náà tó jáde. Mo tún sọ ọ́: kí ó tó jáde. Àlékún tó bá dé lẹ́yìn tí èèyàn ti bínú, bí owó ẹ̀bẹ̀ ló máa ń rí.

Ọmọbìnrin tó wù wá jù ní 97 lòun fẹ́. A sọ fún un pé 91 lòkè, a fi bí a ṣe ṣírò ẹ̀ hàn án, a sì sọ ohun tó máa gbé e dé 96 àti ìgbà tí a máa wò ó. Ó ní òun máa rò ó. Kò padà wá. Ẹnì kejì gba 88. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tó mọṣẹ́ ló ń béèrè ju 91 lọ, ohun tí mo ti sọ fún ọ̀gá ni pé iṣẹ́ náà la máa gé, kò ní jẹ́ owó: ká fi ọ̀rọ̀ ọjà tó bàjẹ́ sílẹ̀ fún èmi, ká gba ẹni tó ń gbé ìpè nìkan, fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.