Kúùbù tó ń balẹ̀ bíi fóòmù

Ẹ̀yin àbúrò mi, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, mẹ́ta nínú yín ló ti fi Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń mú àwòrán rìn, ṣe kúùbù tó ń já bọ́ tó sì ń ta padà sókè, tí wọ́n gbé e wá pé kí n bá wọn wò ó. Àìsàn kan náà ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí kúùbù bá ti ń sún mọ́ ilẹ̀, á dẹ ìrìn, á rọra balẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń gbé ẹyin kalẹ̀, á tún wá rọra gbéra. Oògùn kan náà sì ni ẹ ń lò sí i: ẹ ń da kíífíréèmù lé kíífíréèmù. Mo ti lo oògùn yẹn rí. Iṣẹ́ ló gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Kúùbù tí Blender máa ń gbé síwájú yín fẹ̀ ní mítà méjì, àárín rẹ̀ la sì fi ń mọ ibi tó wà. Nítorí náà, bó bá jókòó sórí ilẹ̀, 1 ni Z rẹ̀, ìyẹn gíga rẹ̀, máa jẹ́. Ẹni tó bá kọ 0 ti ri ìdajì kúùbù mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì: ibi tí ìrìn bá ti yí padà nìkan ni kíífíréèmù wà fún. Àdéhùn ni kíífíréèmù, pé ní fíréèmù báyìí, ibí ni kúùbù gbọ́dọ̀ wà. Ohun tó wà láàárín àdéhùn méjì, Blender ni yóò fúnra rẹ̀ dí i. Ẹ tẹ N, ẹ kọ iye sínú Z lábẹ́ Location, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máúsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ mú Insert Single Keyframe. Bí àpótí náà bá di yẹ́lò, ó ti wọlé. Bó bá di àwọ̀ ọsàn, ẹ ti yí iye padà ṣùgbọ́n ẹ ò tíì fi kíífíréèmù dè é, bí ẹ bá sì sún kúrò ní fíréèmù yẹn, ó ti lọ nìyẹn. Àwọn tí mo fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀ nìyí:

```
fíréèmù    Z
1          5
23         1
38         3
53         1
64         2
75         1
```

N kò ṣàdédé mú wọn. Ohun tó bá já bọ́ láti mítà mẹ́rin máa ń lo nǹkan bí 0.9 ìṣẹ́jú àáyá kó tó kanlẹ̀. Fíréèmù 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí sì jẹ́ fíréèmù 22. Bó bá ta padà dé ìdajì gíga yẹn, ìyẹn mítà méjì, fíréèmù 15 ni yóò fi gòkè, 15 ni yóò sì fi bọ̀ wálẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta, n kò lè sọ ọ́ láìsọ bí mo ṣe kó o.

Oṣù kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n gbé ìpolówó ṣúgà oníhóró kan fún mi. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà péré ni: hóró ṣúgà kan á já bọ́ sórí tábìlì, á ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á dúró síwájú páálí rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi ṣe é. Ìyá tó ni ọjà wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, ṣúgà tiwa ò rí báyìí o. Èyí ń balẹ̀ bíi fóòmù." Òótọ́ ló sọ. Èmi náà rí i, n kò kàn mọ ohun tó fà á ni.

Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo rò pé ohun tí mo fẹ́ ni kò yé Blender, torí náà mo ní kí n máa sọ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, fíréèmù 20, 21, 22. Nígbà tó di alẹ́ kẹrin, kíífíréèmù 57 ti wà lórí ìlà kan ṣoṣo, ìlà náà rí gánnagànna bí eyín ayùn. Mo tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ, ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójú òfuurufú bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ní alẹ́ kẹta, ọ̀gá mi ti gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó dúró, ó wo ìlà yẹn dáadáa, ó ní, "O ṣì wà lórí ìyẹn?" Ó bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ karùn-ún, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, wọ́n sì yọ nínú owó oṣù mi.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí fáìlì tí ẹni yẹn parí. Kíífíréèmù mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, níbi tí tèmi wà gan-an lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní. Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀: gbogbo ibi tí ìlà ti kan ilẹ̀ ló mú ṣóńṣó. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ọ̀gá mi ìbá pè fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Títí dòní ló ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní gba ẹ̀yìn yín kọjá kí n dákẹ́.

Ẹ ṣí Graph Editor, ẹ mú Z Location, ẹ tẹ Home kí gbogbo ìlà lè hàn. Láti òsì sí ọ̀tún ni àkókò, láti ìsàlẹ̀ sókè ni gíga. Kíífíréèmù kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ méjì, bí ọwọ́ yẹn bá ṣe nà ni ìlà ṣe ń tẹ̀. Auto Clamped ni Blender fúnra rẹ̀ máa ń yàn, ó sì máa ń tẹ́ ọwọ́ náà gbọọrọ níbikíbi tí ìlà bá ti yí padà. Lókè, ó dára bẹ́ẹ̀, torí ohun tí a sọ sókè máa ń dẹ̀rìn kó tó yí padà. Nílẹ̀, irọ́ ni. Ìgbà tí nǹkan bá fẹ́ kanlẹ̀ gan-an ló ń sáré jù. Bí ẹ bá rí ìlà tó rí rogodo nísàlẹ̀ bí ìdí igbá, fóòmù ni.

Ẹ mú àwọn kíífíréèmù tó wà nílẹ̀, ẹ tẹ V, ẹ yan Vector. Ìdí igbá á di ṣóńṣó lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń dúró sí, iṣẹ́ ò sì tíì parí. Vector ń na ọwọ́ tààrà sí kíífíréèmù tó kàn án, kúùbù yín á sì fi ìdajì eré tó yẹ kó sá kanlẹ̀. Ẹ tún tẹ V, ẹ yan Free, kí ẹ wá fi G àti Y gbé orí ọwọ́ náà sókè. Bó bá ṣe ga tó lókè 1, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ní fíréèmù 23, ọwọ́ òsì wà ní 2.33, ẹ gbé e dé 3.67. Ọwọ́ ọ̀tún wà ní 1.67, ẹ gbé e dé 2.33. Ìlọ́po méjì kan náà ni kí ẹ ṣe ní 53 àti ní ọwọ́ òsì 75.

Kí ẹ tó gbé e wá fún mi, ẹ lọ sí fíréèmù 22, èyí tó ṣíwájú ìkanlẹ̀, kí ẹ ka Z. Bó bá jẹ́ 1.02 tàbí tó sún mọ́ ọn, ìsàlẹ̀ ìlà ṣì rí rogodo. Bó bá jẹ́ bíi 1.2, ẹ dúró sí Vector. Èyí tó bá ka nǹkan bí 1.36 ni mo fẹ́ rí lọ́jọ́ Ajé, kíífíréèmù mẹ́fà náà ni kó sì wà lórí rẹ̀.