104.2 pásẹ́ǹtì, àti ibi tí ìyókù kírísítálì wa lọ

Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ práktíkà tí àwọn ọmọ SS2 ṣe lánàá sílẹ̀ kí n tó sùn, torí mo ti ń rò ó láti àárọ̀. Kópà sọ́féètì ni wọ́n ṣe, nǹkan aláwọ̀ búlúù tó rẹwà yẹn, èyí tí àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ̀ dáadáa torí wọ́n máa ń pò ó mọ́ oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó tí èso rẹ̀ bá ti ń dúdú. Nígbà tó kù díẹ̀ ká parí, grúùpù kan pè mí sí tébù wọn, inú wọn ń dùn gan-an. "Mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wò ó, 104.2 pásẹ́ǹtì la ní o, àwa la ṣe dáadáa jù!" Pásẹ́ǹtì yẹn ni ìwọ̀n kírísítálì tí grúùpù kan rí, tí a bá pín in sí ìwọ̀n tó pọ̀ jù tó lè jáde. Àwọn grúùpù tó kù sì dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹni tó ní 60 ń wo ìwé ara rẹ̀ bíi pé ó ti fèlì.

Mi ò bá wọn wí, mi ò sì kí wọn kú iṣẹ́. Ìbéèrè kan ni mo bi wọ́n: kópà tó wà nínú kírísítálì yín, ibo ló ti wá? Wọ́n ní inú CuO, ìyẹn kópà ọ́sáídì, ẹ̀tù dúdú tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sọ́féètì inú rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní inú ásíìdì. Mo ní ó dáa, ṣé ásíìdì tí ẹ bù lè mú sọ́féètì jáde ju èyí tó wà nínú ẹ̀ lọ? Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bálánsì ló kọ́kọ́ yé, ó rọra sọ pé "Nǹkan míì ti wà lórí bálánsì yẹn pẹ̀lú ẹ̀ nìyẹn, mà." Òun gan-an nìyẹn.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe rí nọ́ńbà tí a fi ń pín in. 25 cm3 sọ́fúríkì ásíìdì ni grúùpù kọ̀ọ̀kan bù, ti 1 mólù nínú lítà kan, ìyẹn ni pé 0.025 mólù H2SO4 ló wà nínú bíkà wọn. Wọ́n gbé e kaná díẹ̀, wọ́n wá ń da CuO dúdú yẹn sí i díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n ń rò ó títí kò fi yọ́ mọ́, tí ẹ̀tù dúdú wá jókòó sí ìsàlẹ̀. 3 gíráàmù ni wọ́n wọ̀n, ṣùgbọ́n ásíìdì yẹn ò lè mu ju bíi 2 gíráàmù lọ, ìyókù á kù síbẹ̀ ni. A mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó ṣẹ́kù ni o, kí ásíìdì kankan má baà kù nínú omi náà, torí CuO tó ṣẹ́kù rọrùn láti fi fíltà pépà yọ, ásíìdì tó bá ṣẹ́kù ò ṣeé yọ bẹ́ẹ̀. Torí náà ásíìdì ló ń pinnu ibi tí iṣẹ́ náà máa parí sí. Mólù kan ásíìdì á fún wa ní mólù kan CuSO4·5H2O, ìyẹn kírísítálì búlúù wa pẹ̀lú omi tó wà nínú rẹ̀, mólù kan ẹ̀ sì jẹ́ 249.5 gíráàmù. Ẹ fi 0.025 lọ́po 249.5, ẹ máa rí 6.24 gíráàmù. Ìyẹn ni iye tó pọ̀ jù tó lè jáde tí ohunkóhun ò bá sọnù rárá.

Ibí yìí ni grúùpù míì ti gbà ibòmíì lọ, wọ́n fi 3 gíráàmù CuO ṣe ìṣirò tiwọn. Ìyẹn á fún yín ní bíi 9.4 gíráàmù. Kírísítálì wọn ò burú rárá, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pín in sí 9.4, pásẹ́ǹtì wọn wá kéré débi pé wọ́n rò pé àwọn ti da iṣẹ́ nù sílẹ̀. Ẹ̀rí wà níwájú wọn tó bẹ́ẹ̀! Fíltà pépà wọn dúdú kirikiri. Èyí tó dúdú lórí pépà yẹn ò di kírísítálì, kò sì lè dì í láé, báwo la ṣe máa kà á mọ́ ohun tó yẹ kó jáde? Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa wo pépà kí wọ́n tó gbé kákúlétọ̀.

Ká padà sí àwọn oní 104.2. 6.5 gíráàmù ni wọ́n rí lórí bálánsì. Mo ní kí wọ́n fi ṣíbí yí kírísítálì náà wò, wọ́n rí i pé ó ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí, ó ń dán, tí wọ́n bá sì tẹ wáàṣì gíláàsì tí wọ́n kó o sí sí ẹ̀gbẹ́ kan omi búlúù á ṣàn wá síbẹ̀. Omi tó ń lẹ̀ mọ́ ọn ni wọ́n wọ̀n pọ̀. Àwọn tó ń ra kòkó mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí kòkó tí kò gbẹ máa ń wúwo, ẹni tó bá sanwó ẹ̀ ti sanwó omi. Nítorí náà a kó kírísítálì náà sáàárín fíltà pépà, a tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, a pààrọ̀ pépà, a tún tẹ̀ ẹ́, a wá fi sílẹ̀ lórí pépà tó gbẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù di òní. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n láàárọ̀ ó jẹ́ 4.3 gíráàmù. Wọ́n fi í sílẹ̀ di ìgbà brékì, wọ́n tún wọ̀n ọ́n, 4.3 náà ni. Tí nọ́ńbà bá ti dúró sójú kan báyìí ló tó ṣeé kọ sílẹ̀. 4.3 nínú 6.24 jẹ́ 68.9 pásẹ́ǹtì.

Ojú wọn fà ro. Ọ̀kan nínú wọn ní "Mà, ṣé a lè kọ tàná sílẹ̀?" Mo ní rárá o, ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì kọ ohun tó fà á tí wọ́n fi yàtọ̀, torí ẹni tó bá ka ìwé yín máa kọ́ nǹkan lára ìyàtọ̀ yẹn ju lára nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ.

Lẹ́yìn náà la wá wá ibi tí 1.94 gíráàmù tó kù wà. Èyí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo fíltà pépà tó yọ CuO. Gbogbo 6.24 yẹn wà nínú bíi 25 cm3 omi nígbà tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, ìyẹn ni pé 1 cm3 kọ̀ọ̀kan gbé bíi 0.25 gíráàmù kírísítálì dání. Fíltà pépà tútù lè di 1 cm3 tàbí 2 cm3 mú láìjẹ́ kẹ́ni mọ̀, àfi tẹ́ ẹ bá rí i pé ó búlúù. Wọn ò fi omi gbígbóná díẹ̀ ṣan pépà náà, torí náà ó ṣeé ṣe kí 4 sí 8 pásẹ́ǹtì ti kù síbẹ̀ kí wọ́n tó gbé omi náà kaná rárá. Ṣùgbọ́n èèyàn ò gbọ́dọ̀ wá da omi púpọ̀ sí i o, torí gbogbo omi tẹ́ ẹ bá fi ṣan án lẹ máa padà sè kúrò.

Ibi tó pọ̀ jù ni inú omi búlúù tó kù nínú báásìn lẹ́yìn tí kírísítálì ti jáde. Wọ́n sè é títí ó fi kù bíi 10 cm3, wọ́n jẹ́ kó tutù, kírísítálì jáde, wọ́n da omi tó kù sí bíkà kan, wọ́n sì fẹ́ dà á nù. Mo ní ẹ dúró! Omi tutù náà ń di kópà sọ́féètì mú, kò gbé e sílẹ̀ tán. Ní 20 dígírì, 100 gíráàmù omi ṣì lè tu bíi 20 gíráàmù CuSO4. Ìyẹn túmọ̀ sí pé bó ti wù kẹ́ ẹ ní sùúrù tó, níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà, apá kan kírísítálì yín wà nínú ẹ̀. A tún sè é díẹ̀ lówùúrọ̀ òní, a jẹ́ kó tutù, 0.8 gíráàmù míì jáde tó sì gbẹ, àròpọ̀ wá di 5.1, ìyẹn 81.7 pásẹ́ǹtì. Ìyókù wà nínú ìkán omi tó kẹ́yìn, lára pépà tí a fi tẹ kírísítálì (gbogbo wọn ló ti búlúù), àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ báásìn.

Ọmọkùnrin kan wá bi mí pé kí ló dé tí a ò kàn sè é títí gbogbo omi á fi gbẹ, ká lè kó gbogbo ẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Tẹ́ ẹ bá sè é gbẹ, gbogbo ìdọ̀tí tó wà nínú omi á bá a gbẹ, ẹ ò ní rí kírísítálì mọ́, ẹ̀tù ni, omi tó wà nínú kírísítálì fúnra ẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ní tòótọ́ ó ti ṣẹlẹ̀ sí grúùpù kan lẹ́yìn, wọ́n fẹ́ kí tiwọn tètè gbẹ, wọ́n gbé e sórí iná, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wá funfun. Mo fi ìkán omi kan sí ibi tó funfun náà, ó padà di búlúù lójú gbogbo wọn. Kópà kankan ò sọnù níbẹ̀, omi márùn-ún tó wà nínú CuSO4·5H2O ló ń lọ. Tí 4.3 gíráàmù bá funfun tán pátápátá, bálánsì á ka bíi 2.75, pásẹ́ǹtì wọn á wá já sí 44. Omi tó wà lára rẹ̀ láìyẹ ń gbé nọ́ńbà sókè, omi tó yẹ kó wà ńbẹ̀ tó sì lọ ń fà á wálẹ̀, bálánsì ò sì lè sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ fún yín, àwọ̀ àti bí ó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí ló máa sọ ọ́.

Mo ti pinnu pé mi ò ní fi pásẹ́ǹtì tó ga fún máàkì mọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Mo rí bí ó ṣe ń mú kí àwọn ọmọ tó dáa máa wo nọ́ńbà ẹgbẹ́ wọn kí wọ́n tó kọ tiwọn, ó sì ń dùn mí gan-an. Ọmọ tó kọ 68.9 tó sì lè tọ́ka sí fíltà pépà, omi inú bíkà àti pépà búlúù ti ṣiṣẹ́ ju ẹni tó kọ 98 tí kò lè sọ ìgbà tí kírísítálì ẹ̀ gbẹ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a máa tún un ṣe. Ìdajì kíláàsì á fi 2 cm3 omi gbígbóná ṣan fíltà pépà wọn, ìdajì ò ní ṣan án, gbogbo wọn á sì mú kí kírísítálì wọn gbẹ lọ́nà kan náà, ká lè rí iye tí pépà nìkan ń gbà lọ́wọ́ wa. Mo ti bẹ oníláàbù kó tọ́jú fíltà pépà púpọ̀ sílẹ̀.