Ẹ ka kẹ́ẹ̀gì kí ẹ tó ra táǹkì: ohun tí mo kọ́ nípa gbígbe omi òjò ní Òṣogbo

Nígbà tí a kó wọ ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀, omi ẹ̀rọ kì í wá déédéé, kànga tí a gbẹ́ sì kan àpáta kí ó tó jìn tó, nítorí náà ó máa ń gbẹ bí ọyẹ́ bá ti mú. Nínú oṣù kẹfà ọdún náà, mo ra táǹkì oní-lítà 5,000, mo sì ní kí wọ́n fi gọ́tà sí iwájú ilé nìkan. Òjò ńlá mẹ́ta péré ni ó rọ̀ tí táǹkì fi kún dẹ́nu, tí omi ń dà sílẹ̀, mo sì rò pé ìṣòro omi ti tán nílé wa. Òjò dá ní ìparí oṣù kẹwàá. Kò ju ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lọ lẹ́yìn náà tí ìyá àwọn ọmọ ṣí ẹnu ẹ̀rọ láti pọn omi ìdáná, tí ẹ̀kán omi kan kò sì jáde.

Àṣìṣe mi ni pé bí táǹkì ṣe tètè kún nínú òjò ni mo ń wò, n kò wo iye ọjọ́ tí a óò fi mu nínú rẹ̀ nígbà tí òjò kò bá rọ̀ mọ́. Ìyẹn ni mo fi jókòó ka kẹ́ẹ̀gì. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, àwọn ọmọ ń fi ẹ̀fun fa ìlà sára ògiri ilé ìdáná fún kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 kọ̀ọ̀kan tí a bá pọn. Àwa mẹ́fà ń lo kẹ́ẹ̀gì méjìlá lójúmọ́, èyí tí í ṣe lítà 300. Bí ẹ bá fi 300 pín 5,000, ẹ óò rí i pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, ìṣirò lásán ni.

Bí a bá fẹ́ kí omi òjò gbé gbogbo kẹ́ẹ̀gì méjìlá náà la ẹ̀ẹ̀rùn já, lítà tí ó lé ní 40,000 ni a nílò, agbára wa kò sì gbé e. A pinnu pé omi òjò yóò wà fún mímu, oúnjẹ, abọ́ fífọ̀ àti ojú bíbọ́, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lójúmọ́, nígbà tí aṣọ àti ìwẹ̀ yóò máa jẹ́ ti kànga, tí kànga bá sì gbẹ, ti mẹ́ruwà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kẹta, tí òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fojú hàn níhìn-ín, jẹ́ ọjọ́ 135. Lítà 100 lójúmọ́ fún ọjọ́ 135 jẹ́ lítà 13,500. Nọ́ńbà yìí ni ó sọ bí táǹkì ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, kì í ṣe bí òjò oṣù kẹfà ṣe pọ̀ tó.

Lẹ́yìn náà ni mo wá bi òrùlé léèrè bóyá ó lè kún un. Òjò tí ó ga ní mìlímítà kan lórí àyè tí ó jẹ́ mítà kan ní òró àti mítà kan ní ìbú yóò fún yín ní lítà omi kan. Àyè tí a ń sọ yìí ni èyí tí òrùlé bò mọ́lẹ̀, láti etí páànù dé etí páànù. Káfíńtà wa wọn páànù ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó sì pè é ní mítà onígun mẹ́rin 128. Ṣùgbọ́n òjò kò mọ̀ pé páànù dà gẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ tí ilé bò ni ó ń rọ̀ sí: mítà 12 ní òró, mítà 9 ní ìbú, èyí tí ó jẹ́ 108. Nínú omi tí ó bá bọ́ sórí rẹ̀, mo máa ń yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò, nítorí èyí tí ó ń ta dànù, èyí tí ó ń fò kọjá gọ́tà nígbà tí ìjì bá le, àti èyí tí páànù gbígbóná ń fà gbẹ.

Láti mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ tó, mo gbé agolo kan tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ dọ́gba sórí òpó kan ní gbangba, jìnnà sí igi àti ògiri, mo sì ń fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ ní àràárọ̀ kí n tó dà á nù. Àkókò tí ó ká mi lára jù ni láti ẹ̀yìn ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò sábà máa ń sinmi díẹ̀, títí di ìparí oṣù kẹwàá. Nínú ìsinmi yẹn ni a máa ń lo táǹkì gbẹ tí a sì ń fọ ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀, nítorí náà òjò tí ó bá kù lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò tún un kún. Ní ọdún kìíní, agolo mi fún mi ní mìlímítà 330. Ní ọdún kejì, 410. Èyí tí ó kéré ni mo fi ṣe ìṣirò, nítorí pé ọdún tí òjò bá ṣọ̀wọ́n ni táǹkì wúlò fún jù.

Iwájú ilé nìkan jẹ́ 54. Bí mo ti fi 330 sọ ọ́ di púpọ̀, tí mo sì yọ ìdá kan nínú márùn-ún, ó ku bí lítà 14,250. Ṣùgbọ́n a ṣì ń lo lítà 100 lójúmọ́ ní gbogbo ọjọ́ 75 tí ó wà láti ẹ̀yìn ọdún Ọ̀ṣun títí di ìparí oṣù kẹwàá, èyí tí ó jẹ́ 7,500, nítorí náà lítà 6,750 péré ni ìbá kù sílẹ̀ nígbà tí òjò bá dá. Ká ní mo ti ra táǹkì mìíràn kún un láìfi gọ́tà sí ẹ̀yìn ilé, kì bá tí kún. Nígbà tí gọ́tà yí ilé ká tán, omi náà di bí 28,500. Ẹ yọ 7,500 kúrò, ó ku 21,000, ó sì ju ohun tí a ń wá lọ.

A fi táǹkì oní-lítà 5,000 méjì kún ti àkọ́kọ́, a sì fi páìpù so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nísàlẹ̀. Lítà 15,000 kọ́ ni a ń mu nínú rẹ̀ o. Ojú ihò tí omi ń gbà jáde ga díẹ̀ sí ìdí táǹkì kí ẹrẹ̀ má baà bá omi jáde, mo sì ṣírò rẹ̀ pé bí lítà 250 ń kù sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó ṣe é lò jẹ́ 14,250.

Mo fẹ́ gbé wọn sórí sítáǹdì gíga kí omi lè máa sáré wọ ilé, àmọ́ bíríkìlà wa nawọ́ sí etí páànù ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, gọ́tà yín kò ga tó orí táǹkì mọ́ bí ẹ bá gbé e sókè báyìí. Ẹ̀rọ wo ni yóò wá bá yín gbé òjò gùn ún?” Òótọ́ ni ó sọ. Orí kọnkéré pẹlẹbẹ tí kò ga ju búlọ́ọ̀kù méjì lọ ni mo gbé wọn sí, nítorí táǹkì kan tí ó bá kún wúwo tó tọ́ọ̀nù márùn-ún.

Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́ kò gbọdọ̀ wọ táǹkì, nítorí eruku àti ìgbẹ́ aláǹgbá ni ó ń fọ̀ kúrò lórí páànù. Mo máa ń yọ páìpù kúrò títí omi yóò fi mọ́, a sì ń se èyí tí a bá fẹ́ mu kí ó hó.

Nínú táǹkì kan mo ki ọ̀pá oparun kan bọ̀, tí mo gé àmì sí lára fún ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé a so wọ́n pọ̀, omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, àmì kan sì tó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ó yẹ kí bí lítà 8,000 ṣì wà. Bí omi bá ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá àmì yẹn, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ni a óò máa pọn láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, títí òjò yóò fi tún rọ̀.