Ìgbà tí kílò gòkè, tí igun fáàsì sì lọ sílẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìtọ́jú oúnjẹ aláìsàn, aláìsàn obìnrin kan ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka igun fáàsì, nọ́ńbà tó ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì ara ṣe le sí. Ọmọ ọdún 34 ni. Àìsàn ikùn ti bá a fínra fún oṣù mélòó kan, oúnjẹ kì í sì í pẹ́ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa, kílò 48 ló wọ̀n. Ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná yẹ ara wò gbé nọ́ńbà méjì jáde: R, ìyẹn bí omi ara ṣe ń dènà iná, jẹ́ óòmù 520, Xc, ìyẹn ìdènà tó ń wá láti ara awọ sẹ́ẹ̀lì, sì jẹ́ óòmù 42. Igun rẹ̀ jẹ́ dìgírì 4.6.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń wọ̀n. Ó máa ń rán iná mànàmáná tó kéré gan-an, tí aláìsàn kì í mọ̀ lára, láti ọwọ́ dé ẹsẹ̀. Kílóhátísì 50 la sábà máa ń lò. Omi ara tó ní iyọ̀ ni iná náà ń bá lọ, nítorí náà bí omi bá ṣe pọ̀ sí i ni R ṣe ń dín kù. Ọ̀dọ̀ awọ sẹ́ẹ̀lì ni Xc ti ń wá. Ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú awọ yìí: ó máa ń gba iná dúró díẹ̀ kó tó tú u sílẹ̀, bíi kàpásítọ̀ inú rédíò. Bí sẹ́ẹ̀lì bá pọ̀, tí awọ wọn sì le, Xc á ga. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti gbẹ dànù, tàbí tí awọ wọn ti ń jò, Xc á wálẹ̀. Bí a ṣe ń rí igun náà nìyí:

```
arctan(Xc / R) × 180 / π
```

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé kò béèrè gíga tàbí ìwọ̀n ẹni náà, kò sì fara ti ìṣirò àfojúdá kankan. Láàárín 5 sí 7 ni ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ara wọn le.

Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a ti ń fún un ní oúnjẹ àti omi láti ojú iṣan, ó di kílò 51. Inú gbogbo wa dùn, èmi gan-an ni mo sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò. Àmọ́ nígbà tí mo tún un wọ̀n, R ti di 430, Xc di 30, igun sì ti já sí 4.0. Mo rò pé mo ti ṣì í ṣe. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́: bí ẹlẹ́kítíróòdù méjèèjì tí a lẹ̀ mọ́ ọwọ́ kí iná lè gba ibẹ̀ kò bá fi tó sẹ̀ǹtímítà 5 jìn síra, tàbí tí apá fara kan ìhà, èsì á dàrú. Mo ní kó dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, mo ya apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, mo tún un ṣe. Ohun kan náà ló jáde.

Ọ̀gá mi nọ́ọ̀sì ló fi àtàǹpàkò tẹ kókósẹ̀ rẹ̀. Ojú ibẹ̀ jin wọlé, kò sì tètè dìde. Omi ni kílò 3 yẹn! R lọ sílẹ̀ nítorí omi tó kún ìta sẹ́ẹ̀lì, Xc sì lọ sílẹ̀ jù ú lọ, bí a bá wò ó ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní sẹ́ẹ̀lì nìkan ló ń dín kù, R ì bá má wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ lè gòkè. Ìdí rèé tí mi ò fi ń ka igun nìkan mọ́. Igun tó kéré lè jẹ́ ti àìjẹunre-kánú, ó lè jẹ́ ti omi tó pọ̀ jù, àkóràn tó le náà sì lè fà á. Lára obìnrin yìí, méjì àkọ́kọ́ ló pàdé.

A dín omi rẹ̀ kù, a sì ń fi purotéènì kún oúnjẹ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kílò 50 ló wọ̀n, kílò kan dín sí ti ọjọ́ tí inú wa dùn yẹn, ṣùgbọ́n R jẹ́ 500, Xc 45, igun 5.1. Kókósẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ń dá gun àtẹ̀gùn.

Ẹ má ṣe wá nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ẹ ó fi máa dájọ́ fún gbogbo ènìyàn. 4.6 lára ìyá ẹni ọdún 80 kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú 4.6 lára ọ̀dọ́mọkùnrin, torí igun ọkùnrin sábà máa ń ga ju ti obìnrin lọ, ọjọ́ orí sì máa ń fà á wálẹ̀. Èsì ẹ̀rọ kan sì lè yàtọ̀ sí ti òmíràn, nítorí náà ẹ̀rọ kan náà ni kí ẹ máa fi tẹ̀ lé aláìsàn kan. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń darí ìlù ọkàn láyà, ẹ má fi ẹ̀rọ tiwa yìí wọ̀n ọ́n rárá. Nínú fáìlì tèmi báyìí, R, Xc, igun àti bí kókósẹ̀ ṣe rí ló máa ń tẹ̀ léra lórí ìlà kan ṣoṣo, kílò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.