Ohun tí mo kọ́ nípa lẹ́tà sí dókítà ẹranko nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ bá ń kú lójijì

Tí ẹlẹ́dẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ sí dókítà ẹranko kò ju pé: "Ẹlẹ́dẹ̀ mi ń kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí." Òótọ́ ni, ẹkún sì ni, ṣùgbọ́n dókítà kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Oko tó ń retí rẹ̀ pọ̀. Lẹ́tà ló máa fi mọ oko tí yóò kọ́kọ́ lọ, ohun èlò tí yóò kó dání, àti bóyá ó yẹ kó ti kìlọ̀ fún àwọn oko tó wà nítòsí kó tó gbéra rárá. Nígbà tí ikú wọ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ tèmi, dókítà tó wá sọ fún mi pé bí òun ṣe ka lẹ́tà mi tán ni òun ti mọ ohun tí òun ní láti fura sí. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó wà nínú lẹ́tà náà, nítorí ó lè ràn ẹlòmíì lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ pe dókítà lórí fóònù, kí lẹ́tà tẹ̀lé e lọ́jọ́ kan náà. Ìpè ló ń mú kó tètè gbéra, lẹ́tà ló sì ń wà nílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó ń sin ẹran fi tó ìjọba létí tó bá fura sí àrùn tó ń ràn. Níbi tí ìjọba bá sì ti ń san owó gbà-má-bínú fún ẹran tí wọ́n bá pa nítorí àrùn, ọjọ́ tí ẹ fi tó wọn létí àti iye tó ṣì wà láàyè lọ́jọ́ náà ni wọ́n sábà máa ń wò. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọjọ́ àti aago sókè lẹ́tà, tí mo sì ní kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà kan fún mi pé ó ti dé ọwọ́ wọn.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀:

"Sí Ọ̀gá Dókítà Ẹranko. Ọjọ́ 11, oṣù kẹfà, aago 10 àárọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Ẹlẹ́dẹ̀ 5 ti kú lójijì nínú ọgbà mi láàárín ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 11 oṣù yìí, 3 mìíràn sì ń ṣàìsàn. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ wá yẹ ọgbà náà wò, kí ẹ sì gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn fún àyẹ̀wò. Kí ikú yìí tó bẹ̀rẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ 57 ni mo ní. 52 ló ṣẹ́kù."

Ẹ má fo iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ 5 tó kú nínú 500 yàtọ̀ pátápátá sí 5 nínú 57. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ nìkan kò tó, ẹ tò ó ní ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ̀ lé bí ikú ṣe ń rìn. Apá yìí ni mo lo àkókò lé jù nínú lẹ́tà náà:

"Ilé kìíní, abo tó lóyún 6. Ọjọ́ 3: ọ̀kan kò jẹun. Ọjọ́ 4 láàárọ̀: ó ti kú. Ọjọ́ 7: méjì mìíràn kò jẹun, wọ́n sùn ti ara wọn, ìgbóná ara ọ̀kan jẹ́ 41.2, oyún èkejì sì bàjẹ́. Ọjọ́ 9: àwọn méjèèjì kú. Nínú 3 tó kù, 1 ń ṣàìsàn lónìí.

Ilé kejì, ẹlẹ́dẹ̀ tó ń dàgbà 14. Ògiri kan ló wà láàárín òun àti ilé kìíní, omi ìdọ̀tí ilé kìíní sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọjọ́ 10: mẹ́ta kò jẹun. Ọjọ́ 11 láàárọ̀: méjì nínú wọn kú. Nínú 12 tó kù, 2 ń ṣàìsàn.

Ilé kẹta, ẹlẹ́dẹ̀ tó ń dàgbà 16. Ilé kẹrin, abo 2 àti ọmọ 19. Kò sí èyí tó ń ṣàìsàn níbẹ̀. Oúnjẹ kan náà àti omi kan náà ni gbogbo ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń lò."

Ẹ wo ohun tí dókítà lè rí nínú èyí. Tó bá jẹ́ pé májèlé ló wà nínú oúnjẹ ni, gbogbo ilé tó jẹ ẹ́ ni ì bá mú, lákòókò kan náà. Tó bá jẹ́ pé omi ló gbẹ, tí iyọ̀ ara wọn wá pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ì bá ṣubú pọ̀, tí wọ́n ó máa gbọ̀n bí ẹni tí wárápá mú. Tó bá jẹ́ àrùn ara wíwú tó máa ń pa àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, abo tó lóyún kọ́ ni ì bá kọ́kọ́ kú. Èyí tó kọ́kọ́ mú ọ̀kan, tó dúró fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tó wá mú àwọn tó jọ ń gbé, kó tó kọjá sí ilé tó fara tì í, àrùn tó ń ràn ni.

Ibẹ̀ ló ń tan ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ jẹ. Wọ́n rò pé àrùn burúkú bíi ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà gbọ́dọ̀ gbá gbogbo ọgbà lọ lọ́jọ́ kan, nítorí náà bí wọ́n bá rí ilé méjì tí ara wọn le, ọkàn wọn á balẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibà yìí sábà máa ń rọra bẹ̀rẹ̀ ni, nítorí ìfarakanra àti ẹ̀jẹ̀ ló fi ń tètè ràn jù. Ìgbà tí ilé kẹta àti ìkẹrin ṣì dá ṣáṣá gan-an ló yẹ kí lẹ́tà ti lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ ohun tí ojú mi rí. Mi ò kọ orúkọ àrùn kankan. "Etí, abẹ́ ikùn àti itan pọ́n, ó ń lọ sí àwọ̀ àlùkò. Ẹ̀jẹ̀ jáde nímú ọ̀kan lẹ́yìn tó kú. Ìgbẹ́ èkejì ní ẹ̀jẹ̀." Ìgbóná ara ẹlẹ́dẹ̀ àgbà tí ara rẹ̀ le kì í sábà kọjá 39.5, nítorí náà 41.2 tí mo wọ̀n sọ̀rọ̀ ju "ara rẹ̀ gbóná" lọ. Ìdí tí mi ò fi sọ orúkọ àrùn ni pé ojú lásán kò lè ya ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà sọ́tọ̀ sí ibà ẹlẹ́dẹ̀ kejì tó jọ ọ́, àfi ilé àyẹ̀wò. Àrùn kan tún wà tó máa ń pa lójijì, tó sì ń mú awọ ara pọ́n, nígbà mìíràn ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, tó jẹ́ pé pẹnisílíìnì ń wò ó. Ìyẹn ló fà á tí mo fi kọ oògùn tí mo lò sí i: "Mo fún àwọn méjì ti ọjọ́ 7 ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì lọ́jọ́ náà àti ní ọjọ́ 8. Kò ṣiṣẹ́." Ẹ má fi oògùn pamọ́ fún dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ gún un. Ó lè yí èsì àyẹ̀wò padà.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Láti ìgbà tí kòkòrò àrùn ibà yìí bá ti wọ ara ẹlẹ́dẹ̀, ó lè tó nǹkan bí ọjọ́ 4 sí 19 kí àìsàn tó hàn, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú ikú àkọ́kọ́ ni mo padà wò. "Ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún, oníṣòwò kan wá ra ẹlẹ́dẹ̀ 3 láti ilé kẹta. Ẹlẹ́dẹ̀ oko mìíràn ti wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ wọ ilé kìíní lọ wo àwọn abo, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wọ̀. Mi ò ra ẹran wọlé. Mi ò fún wọn ní àjẹkù oúnjẹ." Mo fi nọ́ńbà fóònù oníṣòwò náà sí i. Ó ṣòro láti kọ, torí ó dà bíi pé mò ń fẹjọ́ ẹni tá a jọ ń ṣòwò sùn. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ 3 yẹn ti wà lóko ẹlòmíì, ẹni yẹn kò sì mọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ òkú ẹran kò gba àwàdà. "A sin 3 àkọ́kọ́ sínú kòtò jíjìn lẹ́yìn ọgbà, ó jìnnà sí kànga. A kò la ìkankan, a kò jẹ ẹ́, a kò tà á. Àwọn 2 ti òní wà lábẹ́ tapólì níbi tí òòrùn kò dé, ajá kò lè débẹ̀." Ẹ má ṣe la òkú ẹran wò fúnra yín. Bí ẹ̀jẹ̀ tí kò dì bá ń jáde nímú àti nídìí, ó lè jẹ́ áńtíráàsì, ìyẹn sì ń pa ènìyàn. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ní tirẹ̀ kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n kòkòrò rẹ̀ lè pẹ́ fún oṣù mélòó kan nínú ẹran tútù tàbí èyí tí wọ́n sá gbẹ, ibi tí ẹran náà bá dé ni àrùn ń bá a dé. Mo fi òkú méjì sílẹ̀ nítorí pé lára òkú tuntun ni dókítà ti lè gé ọlọ inú àti kókó ọrùn, kó gbé wọn sínú yìnyín lọ sí ilé àyẹ̀wò. Èyí tó bá ti jẹrà kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Ẹ wá sọ ohun tí ẹ ń béèrè fún ní pàtó. "Mo ti dá títà àti kíkó ẹran jáde dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìlànà tí ẹ kọ sílẹ̀. Oko ẹlẹ́dẹ̀ méjì wà nítòsí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn géètì, omi apakòkòrò àti bàtà rọ́bà wà níbẹ̀ fún yín."

Kí dókítà tó dé, òmíràn tún kú nílé kejì. Mi ò kọ lẹ́tà tuntun, ìlà kan ni mo fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n so ó mọ́ ti àkọ́kọ́: ọjọ́, aago, ilé, iye tó kú, iye tó kù. Nígbà tí ó dé, ilé kẹrin ló kọ́kọ́ wọ̀, lẹ́yìn náà ìkẹta, ìkejì, ó fi ilé kìíní ṣe ìgbẹ̀yìn. Bí èmi náà ṣe ń fún wọn lóúnjẹ nìyẹn láti ọjọ́ náà, èyí tí ara wọn le ṣáájú, èyí tó ń ṣàìsàn kẹ́yìn. Ilé àyẹ̀wò sọ pé ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Wọ́n pa gbogbo èyí tó kù, ó sì dùn mí gan-an. Àwọn 3 tí mo tà ni wọ́n lọ wá lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà inú lẹ́tà ni wọ́n fi rí oníṣòwò náà. Ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ sí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òun náà ni mo mú lọ nígbà tí wọ́n ń ka iye ẹran tí wọ́n pa.