Kí ẹ tó ra kíbọ́ọ̀dù tuntun torí pé ti kọ̀ǹpútà yín kò tàn: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Bí ẹ bá ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ abẹ́ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kò tàn, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó kíbọ́ọ̀dù tuntun. Díẹ̀ ló kù kí èmi san tèmi.

Dell Latitude 7490 ni mo rà, ìmọ́lẹ̀ abẹ́ kíbọ́ọ̀dù yẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n yàn án. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ìwé ìsìnkú wà ńbẹ̀, ìwé ìpàdé wà ńbẹ̀, bó bá sì ti ń ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí Ojúde Ọba pé, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ régbérégbé ló máa ń kún tábìlì mi. Orúkọ Yorùbá kì í ṣe ohun téèyàn ń dijú tẹ̀. Àmì orí wà, àmì ìsàlẹ̀ wà, ojú gbọ́dọ̀ rí bọ́tìnì tí ọwọ́ fẹ́ lọ bá. Òru ni mo sì máa ń ráyè tẹ̀ ẹ́, òru náà ni wọ́n máa ń mú iná lọ.

Lórí bọ́tìnì F10 kọ̀ǹpútà náà, àwòrán kékeré kan wà tó ń fi ìtànṣán hàn. Mo tẹ̀ ẹ́, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Mo di Fn mú, mo tún tẹ F10, òkùnkùn náà ni. Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó pa Windows rẹ́, ó fi òmíràn sí i, mo sì sanwó ìyẹn. Nígbà tí kò tún tàn, ó ní iná inú kíbọ́ọ̀dù ti jóná, kí n lọ wá owó òmíràn.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ kan ní Ṣágámù ló dá mi dúró. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un lórí fóònù, ìbéèrè kan ló bi mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti wo inú BIOS rẹ̀?"

Mi ò tíì wò ó. Ohun tó sọ fún mi ni pé BIOS wà nínú ara ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ó sì máa ń jí kí Windows tó jí. Ẹni tó bá pa Windows rẹ́ nígbà mẹ́wàá kò tíì fọwọ́ kan ètò tó wà níbẹ̀. Bí ẹni tó kọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà náà bá ti pa ìmọ́lẹ̀ kíbọ́ọ̀dù láti ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa wà títí táá fi dọ́wọ́ yín.

Ó ní kí n pa á pátápátá, kí n tún un tàn, kí n sì máa tẹ F2 léraléra bí àmì Dell bá ti yọ. Ojú ìwé kan ṣí tí kò jọ Windows rárá. Ní apá òsì, mo ṣí System Configuration, mo wá sọ̀ kalẹ̀ dé Keyboard Illumination. Ohun mẹ́ta ló wà fún yíyàn níbẹ̀: Disabled, Dim àti Bright. Disabled ni tèmi wà. Mo yan Bright, mo tẹ Apply, mo tẹ Exit. Kí kọ̀ǹpútà náà tó padà dé Windows, gbogbo lẹ́tà ti funfun balau. Inú mi dùn, inú sì bí mi nítorí owó tí mo ti ná.

Ní òru ọjọ́ kejì, iná lọ. Mo ń ba iṣẹ́ mi lọ lórí bátìrì, mo wo orúkọ kan nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ fún mi, kí n tó gbójú sókè, kíbọ́ọ̀dù ti ṣókùnkùn. Àyà mi já. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ lóòótọ́ báyìí. Mo tẹ bọ́tìnì kan, ó tàn, mo tún wo ìwé, ó tún kú.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró lé nìyí, torí pé àwọn tó mọ Keyboard Illumination pọ̀ ju àwọn tó mọ èyí lọ. Lábẹ́ System Configuration kan náà, aago méjì wà tó ń ka àkókò fún ìmọ́lẹ̀ náà. Ọ̀kan ń jẹ́ Keyboard Backlight Timeout on AC, òun ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ṣájà bá wà lára iná. Èkejì ń jẹ́ Keyboard Backlight Timeout on Battery. Lójú ẹsẹ̀ tí iná bá lọ, aago kejì ló gba iṣẹ́. Tèmi wà lórí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Béèyàn bá ń ka orúkọ mẹ́ta nínú ìwé kó tó tẹ̀ wọ́n, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ti kọjá, ẹ̀rọ náà á sì rò pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Ìyẹn ni pé ìgbà tí yàrá ṣókùnkùn jù ni ìmọ́lẹ̀ mi ń yára kú jù.

Àǹfààní yíyàn wà láti ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún títí dé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà ni Never, tí kì í kú rárá. Mo fi ti iná sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo fi ti bátìrì sí ìṣẹ́jú kan. Mi ò yan Never fún bátìrì, torí bí mo bá dìde lọ gbọ́ ohùn ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, kò yẹ kó máa tàn fún àga òfìfo. Mo tún ń fi F10 dín in kù sí Dim lóru. Nínú òkùnkùn gan-an, Bright máa ń ta sí mi lójú débi pé mi ò ní rí ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí bátìrì pẹ́, kó dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kù kó tó dé orí kíbọ́ọ̀dù, torí ojú ẹ̀rọ ló ń jẹ bátìrì jù. Bí kíbọ́ọ̀dù bá kú nígbà tí ẹ ń wá lẹ́tà, Shift ni kí ẹ tẹ̀. Ó máa tàn, kò sì ní kọ nǹkan kan sínú iṣẹ́ yín.

Bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ HP, F10 lẹ ó tẹ̀ bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn kí ẹ lè wọ inú BIOS, ẹ wo Advanced, lẹ́yìn náà Built-in Device Options, ẹ ó rí Backlit Keyboard Timeout lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lórí ThinkPad tó ní ìmọ́lẹ̀, Fn pẹ̀lú Space ló ń tan án. Bí BIOS bá wá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ kò mọ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún yín ni kí ẹ padà sí, ẹ má jókòó máa méfò.

Gbogbo ètò lè pé kó má tàn síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Bright ni tiẹ̀ wà, aago méjèèjì dára, a sì pa gbogbo iná yàrá kí a tó wò ó, torí ìmọ́lẹ̀ náà kì í hàn ní ọ̀sán gangan. Òkùnkùn. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti fi kíbọ́ọ̀dù tí kò ní ìmọ́lẹ̀ pààrọ̀ tiẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo rí i pé ojú lẹ́tà náà ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, kì í ṣe ọ̀dà lásán. Mo bi í pé, "Ìyàwó wa, ta ló tú u kẹ́yìn?" Ó ní wọ́n tú u láti gbọn eruku ní oṣù tó kọjá, àti pé láti ìgbà yẹn ni. Títẹ̀ ń lọ geere, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni kò sí. Okùn pẹlẹbẹ méjì ló ti inú kíbọ́ọ̀dù náà wá: èyí tó gbòòrò wà fún lẹ́tà, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà fún ìmọ́lẹ̀. Àbúrò mi bá a ṣí i. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ti yọ kúrò nínú ihò rẹ̀. Ó tì í padà, ó pa ẹnu ihò náà dé, kíbọ́ọ̀dù náà sì tàn.